Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe nọ́ńbà

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó nọ́ńbà látinú PDF sínú Excel, ẹ gbọ́ o. Èmi ò gbà pé "kọ̀ǹpútà ló ṣe é". Àwa la ò sọ fún un pé ohun tá a gbé fún un kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rò pọ̀.

2/ Àǹtí mi ní kí n to nọ́ńbà fóònù àwọn ayálégbé òun àti tókìn iná tóun rà fún wọn. Mo kó o látinú PDF, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ Excel, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ ni wọ́n pè: "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sun inú òkùnkùn ni? Mítà ò gba ìkankan, fóònù wọn náà ò wọlé."

3/ Ẹ wo ohun tí Excel ṣe:

```
08000000123           → 8000000123
12345678901234567890  → 12345678901234500000
```

Lójú ẹ̀, òdo iwájú ò níye lórí, ó gé e dànù. Ti tókìn ló burú jù: ìdì 15 péré ló lè dì mú nínú nọ́ńbà kan. Márùn-ún tó kù, ó sọ ọ́ di òdo.

4/ Fóònù ṣeé tún ṣe, torí a mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 11:

```
=TEXT(A2,"00000000000")
```

Tókìn ò ṣeé tún ṣe. Ohun tó lọ ti lọ, àfi kẹ́ ẹ padà sínú PDF.

5/ Nítorí náà, KẸ́ Ẹ TÓ lẹ̀ ẹ́: ẹ mú gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù náà, ẹ lọ sí Format Cells, ẹ yan Text. Ẹ wá fi Paste Special lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ yan Text níbẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá yan Text lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ ti pẹ́ jù, òdo ò ní padà wá.

6/ Tó bá jẹ́ fáìlì CSV, ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí. Ẹ gba Data, From Text/CSV, Transform Data, kẹ́ ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù náà di Text. Tó bá bi yín, ẹ yan Replace current. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí èyí tó ti gé tẹ́lẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́.

7/ Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́: `=LEN(A2)` gbọ́dọ̀ fún yín ní 11 fún fóònù. Fún tókìn, `=ISTEXT(A2)` gbọ́dọ̀ fún yín ní TRUE. Igun aláwọ̀ ewé tó bá yọ lórí àpótí kì í ṣe àṣìṣe yín. Ẹ má tẹ Convert to Number, ẹ jọ̀ọ́!

8/ Àwọn kan á ní ká kàn lo àwòṣe 00000000000. Àtíkè lásán nìyẹn: òdo hàn lójú, kò sí nínú àpótí. Èrò tèmi: ohun tẹ́ ò ní rò pọ̀ láé, orúkọ ni. Ta ló ń ro orúkọ pọ̀?