Oṣù Tí Fóònù Ò Dún

Aránṣọ kan ní Sàngó-Ọ̀tà, tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fáwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀ àkọ́kọ́. Oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò pè é.

Ó tẹ `site:` mọ́ àdírẹ́sì rẹ̀ lórí Gúgù. Ojú ewé kan ṣoṣo ló jáde. Gúgù ò tíì dé ìyókù, bóyá torí wẹ́ẹ̀bùsáìtì mìíràn ò tọ́ka sí i. Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ máa ń bá ẹni tuntun.

Ó wá yí àkọlé ojú ewé tó jáde náà padà láti “Ẹ káàbọ̀” sí “Aṣọ iṣẹ́ ní Sàngó-Ọ̀tà”. Lójú tèmi, èyí ló ṣe pàtàkì jù: ohun tí oníbàárà ń wá ni kí àkọlé sọ. Láìpẹ́, Search Console fi hàn pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀ ti ń jáde fáwọn tó ń wá aránṣọ, bí wọn ò tilẹ̀ tíì tẹ̀ ẹ́.