Ẹ Má Fi Ipá Rọ Ọmọ Ní Ẹ̀fọ́

Ta ni nínú wa tí kò mọ bí a ti í rọ ọmọ? A ó tẹ́ ẹ sórí itan, a ó di imú rẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ yóò sì wọlé dandan. Èmi náà rọ ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún méjì, ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ó gbé e mì lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti fojú kan ewé nínú àwo, ẹkún ni. Ewu mìíràn sì tún wà níbẹ̀: ọmọ tí ń ké lè fa oúnjẹ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn ọdún kìíní, ọmọ kì í dàgbà kíákíá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà oúnjẹ tí ó ń fẹ́ a máa dínkù. Ní ìwọ̀n ọdún méjì ni ó tún ń bẹ̀rù oúnjẹ àjèjì, àgàgà èyí tí ó korò. A kò gbọdọ̀ pe èyí ní agídí. Ní 1982, Leann Birch àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ọmọ ọdún méjì bá ti ń tọ́ oúnjẹ tuntun wò léraléra ni ó ń fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà kan náà, pín iṣẹ́ náà sí méjì: òbí ni yóò yan oúnjẹ, àsìkò àti ibi tí a óò ti jẹ ẹ́, ọmọ ni yóò pinnu bóyá òun yóò jẹ, àti ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. A se tẹ̀tẹ̀ rọ̀, a gé e wẹ́wẹ́, a fi epo pupa àti ẹja tí kò ní egungun sí i, ata rẹ̀ kò pọ̀. Mo bu ìwọ̀n ṣíbí tíì kan sí ẹ̀gbẹ́ àmàlà tí ó fẹ́ràn. Gbogbo wa jẹ ẹ̀fọ́ kan náà lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, a kó àwo; a kò fún un ní bisikíìtì títí di àkókò oúnjẹ tí ó tẹ̀lé e.

Ìyá mi bínú: “Ṣé ẹ fẹ́ kí ebi pa ọmọ yìí ni?” Ó fẹ́ fi ẹran tàn án jẹ ẹ̀fọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ yóò gbà pé ìyà ni ẹ̀fọ́, ẹran sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà mẹ́rin àkọ́kọ́, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà karùn-ún, ó fọwọ́ kàn án. Nígbà keje, ó fi sẹ́nu, ó sì tu ú. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ti í sọ ìrètí nù, bẹ́ẹ̀ ìtọ́wò gan-an ni tútu yẹn. Nígbà kọkànlá, ó jẹ ẹ́ tán. Ní ọjọ́ kejì ó tún kọ̀ ọ́, a kò sì bá a wí.

Bí ọmọ bá ń rù, tàbí tí oúnjẹ ń há a lọ́fun nígbà gbogbo, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá. Ewúro ni mo fi sí ìkẹyìn. A kò tí ì dé ibẹ̀.