Ohùn ni Màmá ń fẹ́, fídíò la gbé fún wọn

Màmá kan nínú ìjọ pè wá lọ́jọ́ Ajé. "Pásítọ̀, mo ń gba ìwàásù yín sílẹ̀ sórí fóònù, kò tíì dé ìdajì tí dátà tí ọmọ mi rà fi tán." Ó dùn wá, torí àwa la jẹ̀bi. Fídíò 720p nìkan la gbé síta.

Wákàtí méjì ni ìwàásù náà, 1.5 Mbps ni wọ́n sì ṣe fídíò rẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,350 MB. Nínú gbogbo ẹ̀, ohùn wa ò gbà ju nǹkan bí 115 MB lọ. Àwòrán ló jẹ ìyókù: àwa náà, kóòtù kan náà, ògiri kan náà, fún wákàtí méjì gbáko!

Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń gba fídíò náà tán, kẹ́ ẹ tó wá fi ápù míì sọ ọ́ di MP3. Ẹ jọ̀ọ́, dátà ti lọ nígbà yẹn. Àyè inú fóònù nìkan lẹ rí dá sí. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ló yẹ kẹ́ ẹ ti yan ohùn nìkan tàbí 144p. Àwọn ápù kan tiẹ̀ wà tó ń kọ MP3 síwájú yín, àmọ́ tó ń fa odindi fídíò lábẹ́lẹ̀. Ẹ wo "Data usage" nínú fóònù yín ṣáájú, kẹ́ ẹ tún wò ó lẹ́yìn ẹ̀. Tí fáìlì bá jẹ́ 115 MB, tí fóònù sì ka ohun tó ju 1 GB, ẹ yọ ápù yẹn kúrò.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ohùn tó o. Ẹ̀kọ́ Bíbélì tá a kọ sójú pátákó, ẹ ò lè kà á ní 144p, ẹ mú 360p. Àwọn ará wa tí kò gbọ́rọ̀ sì nílò láti rí ìka ẹni tó ń fọwọ́ túmọ̀ kedere, torí náà a ò ní yọ fídíò ńlá kúrò.

Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ yìí, ohùn nìkan á máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, móónò, 64 kbps, nǹkan bí 58 MB fún wákàtí méjì. Orin akọrin ò ní dùn tó bó ṣe yẹ níbẹ̀, kí wọ́n forí jì wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á ṣe kedere. A ó kọ iye MB sára ìkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ná kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ wa kan ní ẹ̀ka fídíò ní iye èèyàn tó ń wò wá á dínkù. Kó dínkù. Ta ló ń sanwó dátà ọ̀hún?

Màmá, tiyín ti wà níbẹ̀ báyìí. 58 MB péré ni.