Èèwọ̀ Kọ́ Ni Dókítà Ń Béèrè

Bí fọ́ọ̀mù ilé-ìwòsàn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá bá béèrè pé, "Kí ni èèwọ̀ yín?", aláìsàn lè kọ ìgbín, nítorí pé ìdílé rẹ̀ kì í jẹ ẹ́. Pẹnisílììnì tó mú ètè rẹ̀ wú lọ́dún tó kọjá kò ní hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ aláìsàn kò purọ́. Ohun tó yẹ kí ògbufọ̀ kọ ni: "Ǹjẹ́ oògùn tàbí oúnjẹ kan ti mú kí ara yín yún, kí ojú yín wú, tàbí kí èémí yín ṣòro rí? Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà nìyẹn. Aládùúgbò pàápàá ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Kí fọ́ọ̀mù béèrè àìsàn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.