Ẹ Yé Tẹ Market Nínú Ọjà Tí Kò Lérò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tí a jọ ń gbé nílé na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ́pṣọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ méjì lórí ìpín ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ọjà Amẹ́ríkà níbí. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó rà á, àkáǹtì rẹ̀ ti pọ́n wẹ̀ẹ̀: nínú $310 tó san, $85 ti wọmi. Bẹ́ẹ̀ ni iye ìpín ilé-iṣẹ́ náà kò yí padà rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló jí owó mi?" Mo ní kò sẹ́ni tó jí i. Ìwọ fúnra rẹ lo kó o fún wọn. Market lo tẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni mo ń bá wí. Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe òwò yìí, ìmọ̀ràn kan ti ń jà ràn-ìn: "Má da ara rẹ láàmú, tẹ Market kó wọlé kíá, ṣebí àwọn alágbàtà ò gba owó iṣẹ́ mọ́." Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé ìmọ̀ràn burúkú ni. Owó tí alágbàtà kò gbà lójú yín, àlàfo tó wà láàárín iye ìrà àti iye ìtà ti gbà á lẹ́yìn yín. Nínú ọjà tí èrò pọ̀, àlàfo yẹn lè jẹ́ sẹ́ǹtì kan péré, kó má dun ẹnikẹ́ni. Nínú ọjà tí kò lérò, ó lè jẹ odindi èrè tí ẹ ń retí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lójú fóònù rẹ̀. Ìpín náà wà ní $42. Ó fẹ́ ra ọ́pṣọ̀n tó fún un ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín náà ní $40, kó sì ta ti $45 láti fi dín owó tó máa san kù. Ọjọ́ ìparí kan náà ni méjèèjì ní, nǹkan bí oṣù méjì síwájú.

```
           Bid    Ask    Mid
40 Call    3.20   4.20   3.70
45 Call    1.10   1.80   1.45
```

Bid ni iye tó ga jù tí ẹnikẹ́ni ṣe tán láti rà á. Ask ni iye tó kéré jù tí ẹnikẹ́ni ṣe tán láti tà á. Mid kàn jẹ́ àárín méjèèjì. Ọ́pṣọ̀n kan sì dúró fún ìpín 100, nítorí náà ẹ máa fi 100 sọ iye kọ̀ọ̀kan di púpọ̀.

Ẹni tó tẹ Market ra ẹsẹ̀ kìíní ní 4.20, ó sì ta ẹsẹ̀ kejì ní 1.10. Ó san 3.10, ìyẹn $310. Bó bá ní òun fẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀ lọ́nà kan náà, yóò ta ti àkọ́kọ́ ní 3.20, yóò sì ra èkejì padà ní 1.80. 1.40 ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́. $170 ti lọ, ó ju ìdajì owó rẹ̀ lọ, kò sì tíì ṣe àṣìṣe kankan nípa ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i pé àlàfo ẹsẹ̀ méjèèjì ló para pọ̀: 1.00 níhìn-ín, 0.70 lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ń ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á san mẹ́rin. Nígbà mìíràn ó tún lè burú jù bẹ́ẹ̀, torí pé bí ọ́pṣọ̀n kan tàbí méjì péré bá wà ní iye tí ẹ rí, ìyókù àṣẹ yín á gun iye tó tún ga jù lọ.

Àárín àpapọ̀ náà ńkọ́? 3.70 yọ 1.45 kúrò, ó ku 2.25. Láàárín 1.40 àti 3.10 ni ìdúnàádúrà wà. Ó sì yà mí lẹ́nu pé ọmọ Yorùbá tí kò jẹ́ ra ata ní Bódìjà ní iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, tó máa ṣe bí ẹni fẹ́ lọ kí wọ́n tó pè é padà, òun náà ló ń san àkọ́pè fún ẹni tí kò rí lójú.

Àwọn tó ń pe iye wọ̀nyí ni mo ń pè ní aláte: àwọn ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa sọ iye tí wọ́n á rà àti iye tí wọ́n á tà. Àlàfo gbàràmù tí ẹ rí kì í ṣe iye tó wà lọ́kàn wọn. Ààbò ni, kí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ṣáájú wọn má baà rẹ́ wọn jẹ. Aláte ti ṣírò ohun tó gbà pé nǹkan náà tó, bóyá 2.28. Ẹni tó bá fún un ní èrè díẹ̀ lórí iye yẹn, yóò tà fún un. Ó tún rọrùn fún un láti ta àpapọ̀ ẹsẹ̀ méjì ju kó ta ẹyọ kan lọ, nítorí ewu ẹsẹ̀ kìíní ń pa lára ewu ẹsẹ̀ kejì rẹ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìpín náà ṣì wà nítòsí $42 tí àwọn iye náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àná mu, mo ra ọ̀kan fún ara mi lójú rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì sínú àṣẹ kan ṣoṣo, mo yan Limit, mo kọ 2.25. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo ti pinnu pé n kò ní kọjá 2.50. Mo dúró fún bí ìṣẹ́jú méjì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo sún un sí 2.30, mo dúró. Mo sún un sí 2.35. Ní 2.40, ó wọlé. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

$70 ni ìyàtọ̀ tèmi àti tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí $70 náà ń ṣe. Iye tó ga jù tí nǹkan yìí lè tó lọ́jọ́ ìparí ni 5, ìyẹn àlàfo láàárín 40 àti 45. Èrè tó pọ̀ jù fún un jẹ́ $190. Tèmi jẹ́ $260. Kí ìpín náà tó $43.10 lọ́jọ́ ìparí kí òun tó rí owó rẹ̀ gbà padà, èmi, $42.40 ti tó mi. Ilé-iṣẹ́ kan náà, èrò kan náà, òwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní, "Ta ló sọ pé àárín ni òtítọ́?" Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àárín kì í ṣe òtítọ́. Ìṣirò lásán ni. Ọ́pṣọ̀n tí Bid rẹ̀ jẹ́ 0 tí Ask rẹ̀ jẹ́ 1.00, àárín rẹ̀ jẹ́ 0.50, ó sì lè má tó sẹ́ǹtì márùn-ún. Ẹnìkan tó bá fi àṣẹ ẹyọ kan péré síbẹ̀ lè sún àárín náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé àárín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn 9:30 àárọ̀ tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, nígbà tí àwọn aláte kò tíì pa àlàfo wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo ọ́pṣọ̀n tó fúnni ní ẹ̀tọ́ láti ta ìpín ní iye méjèèjì kan náà:

```
           Bid    Ask    Mid
45 Put     3.90   4.90   4.40
40 Put     1.30   2.10   1.70
```

4.40 yọ 1.70 kúrò, ó ku 2.70. Àpapọ̀ tìrà àti àpapọ̀ títà gbọ́dọ̀ sún mọ́ 5 bí a bá pa wọ́n pọ̀, nítorí lọ́jọ́ ìparí, ibi yòówù kí ìpín náà wà, 5 ni méjèèjì yóò jẹ́. 5 yọ 2.70 kúrò, 2.30 ló kù. Ó bá 2.25 wa mu dáadáa, nítorí náà mo lè fọkàn tán àárín yẹn. Ká ní 3.00 tàbí 1.60 ló fún mi ni, n bá mọ̀ pé iye kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń purọ́. (Bí ilé-iṣẹ́ náà bá fẹ́ pín èrè kí ọjọ́ ìparí tó pé, ìṣirò yìí á yẹ̀ díẹ̀.)

Àwọn mìíràn gbọ́n ju èyí lọ lójú ara wọn. Wọ́n ní kí a ra ẹsẹ̀ kìíní ní àárín rẹ̀ lọ́tọ̀, kí a wá ta èkejì lẹ́yìn náà. Mo ti ṣe é rí, kò sì mọ́ mi lára. Mo ra irú ẹsẹ̀ kìíní yìí ní 3.75, mo fi èkejì síta ní 1.45. Kí ẹnikẹ́ni tó rà á, ìpín náà já sí $40.50, iye olùrà ẹsẹ̀ kejì sì di 0.60. Ìgbà tí mo fi tà á, 3.15 ni àpapọ̀ ná mi, ó sì burú ju kí n tẹ Market lọ. Inú àṣẹ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé papọ̀ tàbí kí ìkankan má wọlé. Cboe àti àwọn ọjà ọ́pṣọ̀n mìíràn ní ìwé ọ̀tọ̀ fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé "àárín tàbí kò sí." Ẹni tó fi 2.25 sílẹ̀ tó lọ sùn ti fún aláte ní ẹ̀bùn. Bí ìpín bá gòkè, kò sẹ́ni tó máa tà fún un. Bó bá já wálẹ̀, kíá ni 2.25 á wọlé, nítorí nǹkan náà kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá burú fún un nìkan ló máa rí ọjà rà. Nítorí náà, ẹ fi àṣẹ náà sí ti ọjọ́ yẹn nìkan, bí ìpín bá sì ti sún kúrò níbi tó wà, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún iye ṣe.

Ó níbi tí sùúrù yìí pin sí o. Bí ọjọ́ ìparí bá kù wákàtí díẹ̀, tí ẹsẹ̀ tí ẹ tà sì lè já ìpín 100 lé yín lórí, ẹ sún iye yín kíákíá kí ẹ sì jáde. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá kò tó ohun tí èèyàn ń jà fún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ wọlé, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Bí àṣẹ yín bá dé iye tí ẹ pinnu tí kò wọlé, ẹ gbé owó yín dání. Ẹ sì rántí pé àlàfo tí ẹ bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ ń wọlé, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jáde.

Àbúrò mi ṣì di tirẹ̀ mú. Ó ní òun á retí $43.10.