Àwòrán Ọkàn Tí Kò Ní Ìbéèrè

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti inú ìwé báọ́lọ́jì àbúrò rẹ̀. Àwòrán ọkàn ènìyàn ni, orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò wọ inú fọ́tò. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá."

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí á hùmọ̀ ìbéèrè tí a kò rí. Ohun tí àwòrán fúnra rẹ̀ lè sọ ni kí á kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí orúkọ ti wà níbẹ̀, kò jọ pé orúkọ ni wọ́n ń béèrè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀yà kan, tàbí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà.

Ọ̀tún àti òsì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọkàn ẹni tó kọjú sí wa ni wọ́n ṣe yà á, nítorí náà apá òsì ojú ìwé ni ọ̀tún ọkàn wà. Ẹni tó bá ṣi èyí mú, gbogbo àlàyé rẹ̀ yóò dojú rú. Bí ó bá ń ṣiyèméjì, kó wo àwọn yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì: èyí tí ògiri rẹ̀ nípọn jù ni ti òsì.

Àwọ̀ ló kàn. Wọ́n fi pupa ya ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ọ́síjìn, wọ́n sì fi búlúù ya èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pupa tó ṣókùnkùn ni ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ nínú ara. Àbúrò náà ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé iṣan àlọ ni pupa, iṣan àbọ̀ ni búlúù. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyí. Àlọ àti àbọ̀ kì í ṣe orúkọ àwọ̀. Ọkàn ni ilé, ohun tó bá jáde ń lọ, èyí tó bá wọlé ń bọ̀. Iṣan tó ti yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, búlúù ni, síbẹ̀ àlọ ni. Àwọn tó ti ẹ̀dọ̀fóró padà sí yàrá òkè òsì, pupa ni wọ́n, síbẹ̀ àbọ̀ ni wọ́n. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ òsì, kí ó tó gba iṣan àlọ ńlá jáde sí gbogbo ara.

Ibi tí àwòrán lè bá wa dé nìyẹn, mo sì ní kí ó fi ìbéèrè ránṣẹ́. Nígbà tó dé, ohun tí wọ́n béèrè ni ìdí tí ògiri yàrá ìsàlẹ̀ òsì fi nípọn ju ti ọ̀tún lọ. Ìdáhùn kò ju gbólóhùn méjì: ti ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí. Ti òsì ń tì í dé orí àti àtẹ́lẹsẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì gba agbára jù.

Ká ní mo ti hùmọ̀ ìbéèrè ni, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ náà ìbá máa há sórí.

Ó dàbọ̀.