Ta Ni "Ó"? Ta Ni "Wọn"?

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa pé èdè Yorùbá kò ṣe é fi kọ ìwé àdéhùn. Ẹjọ́ tí a ń rò mọ́ èdè náà lẹ́sẹ̀ ni pé "ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin, "ó" ni ewúrẹ́, "ó" náà sì ni ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá ṣáká, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó fi kọ ọ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. A gbà pé àìsàn wà lára ìwé tí a ń kọ, ṣùgbọ́n èdè kọ́ ni ó ń ṣàìsàn, akọ̀wé ni.

Kí a má ba à máa jiyàn nínú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn kan wò, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ ní Ìsarà níbí bí a bá fún àlejò ní ilẹ̀ oko. Ẹ jẹ́ kí Lágbájá jẹ́ onílẹ̀, kí Tàmẹ̀dò sì jẹ́ ẹni tí yóò dáko, tí yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ báyìí pé: "Lágbájá fún Tàmẹ̀dò ní ilẹ̀ láti fi dáko. Bí ó bá kú, kí ó padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀."

Ní ọjọ́ tí a kọ ìwé náà, ó yé gbogbo ènìyàn, nítorí pé Lágbájá àti Tàmẹ̀dò jókòó síbẹ̀, ojú àti ọwọ́ sì ń bá ẹnu sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti sùn, tí ọmọ wọn wá tú ìwé náà sílẹ̀, ta ni "ó" tí a ní bí ó bá kú? Ọmọ ta sì ni "ọmọ rẹ̀"? Ọmọ Lágbájá yóò wí pé: bí Tàmẹ̀dò bá kú, kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Ọmọ Tàmẹ̀dò yóò wí pé: bí Tàmẹ̀dò bá kú, kí ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Tàmẹ̀dò. Ẹni kẹta lè tún wí pé ikú Lágbájá ni a ń sọ, pé ọjọ́ tí onílẹ̀ bá kú ni àlejò yóò kó ẹrù kúrò lóko, bí kòkó tilẹ̀ wà lórí igi. Ẹ wò ó: gbólóhùn kan, ìtumọ̀ mẹ́ta, kò sì sí èyí tí gírámà lè lé jáde. "Padà" nìkan ni ó ń ran onílẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀, ìrànlọ́wọ́ náà kò sì tó gbé lọ sí kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn alátakò wa ti fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì yóò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn. A kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni Lágbájá, ọkùnrin ni Tàmẹ̀dò; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó kú kò tíì hàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ni ọmọ kò tíì hàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣe iyè méjì, kí ó ka ìwé tí a fi gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní ọjọ́ 6 oṣù August, ọdún 1861. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ ọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìpín kejì rẹ̀ gba Dòsùnmú láàyè láti máa parí ìjà láàrin àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Èkó "pẹ̀lú ìfọwọ́sí wọn", bí ẹni tí ẹjọ́ kò tẹ́ lọ́rùn bá sì fẹ́, kí ó gbé e lọ sábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni "wọn" yìí? Ṣé àwọn méjèèjì tí ń jà ni, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ bá ti kọ̀, ọba kò lè gbọ́ ẹjọ́ náà mọ́? Àbí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Èkó lápapọ̀ ni, tí ó fi jẹ́ pé bí ìlú bá ti gbà á lónìdájọ́, ẹnìkan kò lè yẹra? Ní ọ̀nà kìíní, ìlàjà ni iṣẹ́ ọba; ní ọ̀nà kejì, adájọ́ ni ọba. Àṣẹ ọba odindi ìlú rọ̀ sórí ọ̀rọ̀ kékeré kan, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe Yorùbá.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé Yorùbá ní irinṣẹ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, tí àwọn akọ̀wé wa sì ń sọ nù. Irinṣẹ́ náà ni "òun". Bí a bá kọ ọ́ pé "Tàmẹ̀dò sọ fún Lágbájá pé òun yóò tún ọgbà ṣe," Tàmẹ̀dò ni yóò ṣe é, kò sí àríyànjiyàn. Bí a bá kọ ọ́ pé "ó yóò tún ọgbà ṣe" tàbí "yóò tún ọgbà ṣe," etí Yorùbá yóò wá ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Tàmẹ̀dò ní Lágbájá gé igi òun" jẹ́ igi Tàmẹ̀dò, ṣùgbọ́n "igi rẹ̀" lè jẹ́ ti Lágbájá fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, òun ní ààlà. Ibi tí ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tí ó ń rò ni ó ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Nínú gbólóhùn ilẹ̀ tí a yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀, òun kò sì lè gbà wá níbẹ̀.

Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ń dí wa lójú, ẹ̀yin ìjòyè wa sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Bí a bá kọ sínú ìwé ìpàdé pé "Àwọn ìjòyè sọ fún Ọdẹ̀mọ pé kí wọ́n pe ìlú jọ," ta ni yóò pe ìlú? Nítorí pé a ń fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan, ó lè jẹ́ ọba. Nítorí pé ìjòyè ju ẹnìkan lọ, ó lè jẹ́ ìjòyè. Ọjọ́ tí a dá yóò pé, ìhà kìíní yóò máa retí ìhà kejì. Kí a kọ ọ́ pé "kí Kábíyèsí pe ìlú jọ," tàbí "pé àwọn yóò pe ìlú jọ" bí ó bá jẹ́ ìjòyè, ọ̀ràn ti parí.

A ó gbọ́ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé kò ní inú. Odindi ni kí a kọ sí i. A ó sì tún gbọ́ pé pípe orúkọ àgbà lápètúnpè kò bójú mu. Ta ni ó ní kí a pe orúkọ? Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní oyè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, kí ẹ má sì pa á dà: "Bí olóko bá kú, kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀." Orúkọ dà níbẹ̀? Ìtumọ̀ mẹ́ta ti di ọ̀kan.

Nítorí náà, kí akọ̀wé tó gba ìtẹ̀ka, kí ó fi ìlà sábẹ́ gbogbo "ó", "rẹ̀", "wọn", "náà" àti "bẹ́ẹ̀" tí ó wà nínú ìwé. Kí ó fi onílẹ̀ sípò ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kà á. Kí ó tún fi olóko síbẹ̀, kí ó kà á. Èyí tí méjèèjì bá bá mu, kí ó pa á rẹ́, kí ó kọ oyè ẹni tí ó ń sọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí ní Yorùbá kò ní lè ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó fi èdè àwọn bàbá wa sílẹ̀ jẹ́ẹ́.